Taylor, Fayol àti Mayo: ilé iṣẹ́ kan náà, ojú mẹ́ta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe kọ́ọ̀sì ìlànà mánéjìmẹ́ǹtì, mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi sáyẹ́ńtífíìkì mánéjìmẹ́ǹtì ti Taylor, ádímínísítirétífù tíọ́rì ti Fayol àti híúmáànù riléṣọ̀ọ̀nsì ti Mayo wéra, ẹ ti há ìlànà 4 ti Taylor sórí, ẹ ti há 14 ti Fayol, ẹ ti há ìtàn iná mànàmáná ti ilé iṣẹ́ Hawthorne, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé inú gbọ̀ngàn ìdánwò gbogbo ẹ̀ á wá dàrú mọ́ra wọn torí pé ó jọ pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, pé kí iṣẹ́ dáa kí owó wọlé. Kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn dúró sí nígbà tó ń wo ilé iṣẹ́. Taylor dúró sídìí ẹ̀rọ, fọ́máànù ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló ń wò. Fayol jókòó sórí àga ọ̀gá pátápátá fún ọgbọ̀n ọdún, inú ọ́fíìsì ló ti ń wo bí àṣẹ ṣe ń rìn láti òkè délẹ̀. Mayo ní tiẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ni, ìta ló ti wọlé, àárín àwọn òṣìṣẹ́ sí ara wọn ló ń wò.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, torí ọ̀rọ̀ yẹn ló bí Taylor, òun náà ló sì tún pàdé àwọn ará Hawthorne lẹ́yìn àádọ́ta ọdún: kí ló dé tí òṣìṣẹ́ tó lè ṣe mẹ́ta á mọ̀ọ́mọ̀ ṣe méjì?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Frederick Winslow Taylor. Ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1856, ọmọ olówó ni, àmọ́ ó lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ó sì wọ ilé iṣẹ́ irin Midvale bíi lébìrà, ó gòkè gòkè títí tó fi di olórí íńjíníà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin, òun náà ti bá wọn ṣe é rí, ó mọ̀ dáadáa pé wọ́n ń fawọ́ iṣẹ́. Ó bá wọn jà lórí ẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta. Ohun tó wú mi lórí nínú ọ̀rọ̀ Taylor ni pé kò sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ó ní lóòótọ́ ó wà nínú ẹ̀dá pé kéèyàn fẹ́ ṣe jẹ́jẹ́, àmọ́ èyí tó burú jù ni èyí tí wọ́n jọ ṣàdéhùn lé lórí, àdéhùn yẹn sì nídìí. Bí wọ́n ṣe ń sanwó nígbà yẹn ni pé iye ẹyọ tóo bá ṣe ni wọ́n máa fi san fún ẹ. Tóo bá wá ṣe púpọ̀, tí owó ẹ ń pọ̀, ọ̀gá á wò ó pé àṣé iṣẹ́ yìí ò tiẹ̀ le, á gé owó tó ń san lórí ẹyọ kan, ìwọ á wá máa ṣiṣẹ́ ìlọ́po méjì fún owó àná. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì, ṣé á tún sáré? Kò ní sáré mọ́, kò sì ní jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sáré.

Torí náà, lójú Taylor, àìmọ̀ ni àìsàn tó wà ńbẹ̀. Ọ̀gá ò mọ iye tí iṣẹ́ kan yẹ kó gbà, ó kàn ń méfò ni, òṣìṣẹ́ sì mọ̀ pé ó ń méfò. Oògùn ẹ̀ ni pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n á mú iṣẹ́, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, títẹ̀ba, gbígbé, rírìn, jíju ẹrù sílẹ̀, pípadà, wọ́n á fi aago ìṣẹ́jú àáyá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yọ ìrìn tí kò wúlò dànù, wọ́n á fi àyè ìsinmi kún un, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá sọ pé iṣẹ́ òòjọ́ rèé. Wọ́n á yan ẹni tí iṣẹ́ yẹn bá lára mu, wọ́n á kọ́ ọ ní ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn, wọ́n á sì sanwó tó ju ti àtẹ̀yìnwá fún un tó bá ṣe é bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é. Èrò ríro kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó wà ní yàrá ètò. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fàlà sí nínú ìwé yín, torí òun ni àyípadà tó tóbi jù tí Taylor mú wá, ó ju ti aago lọ.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ti irin pígì ní ilé iṣẹ́ Bethlehem, ní 1899. Irin yíyọ́ tí wọ́n ti dà di gbọọrọ ni, ẹyọ kan wọ̀n tó páùn 92, iṣẹ́ tó wà ńbẹ̀ ò ju kéèyàn gbé e láti orí òkìtì, kó gun pákó, kó jù ú sínú wágọ́nù réluwé. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń kó tọ́ọ̀nù 12 àtààbọ̀ lóòjọ́, wọ́n ń gba dọ́là 1.15. Taylor ní tọ́ọ̀nù 47 àtààbọ̀ ló yẹ kéèyàn kó. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò ẹ̀ kẹ́ ẹ rí nǹkan. Tọ́ọ̀nù tí wọ́n ń lò níbẹ̀ jẹ́ páùn 2,240, torí náà 47 àtààbọ̀ jẹ́ páùn 106,400, ẹ fi 92 pín in, ó di ẹyọ irin 1,156. Tí òòjọ́ bá jẹ́ wákàtí 10, ìyẹn ìṣẹ́jú 600, ẹyọ kan ò gbọdọ̀ ju bí ìṣẹ́jú àáyá 31 lọ, àlọ àtàbọ̀, látàárọ̀ dalẹ́. Tẹ́lẹ̀ ńkọ́, ẹyọ bíi 304 ni wọ́n ń gbé.

Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ gbé 1,156 kó má kú? Ìdáhùn Taylor ni pé ìsinmi ló ń gbé e. Ó ní ẹni tó bá ń gbé ẹrù tó wúwo tó báyìí, ẹrù ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ju 43 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò iṣẹ́ lọ, 57 tó kù, ọwọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo. Wọ́n wá yan ọkùnrin kan tí Taylor pè ní Schmidt, ẹnì kan dúró tì í pẹ̀lú aago, tó bá ní gbé e á gbé e, tó bá ní jókòó á jókòó, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Taylor ní ó ti kó tọ́ọ̀nù 47 àtààbọ̀, dọ́là 1.85 ni wọ́n sì san fún un. Ẹ kíyè sí i o: iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin, owó ò ju 60 nínú ọgọ́rùn-ún tó fi lé. Taylor ò fi yẹn pamọ́, ó ní owó tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ á ba òṣìṣẹ́ jẹ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, mi ò sì rò pé Schmidt náà máa gbà tí wọ́n bá ṣírò ẹ̀ fún un.

Ohun míì wà ńbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìwé kì í sọ. Ní 1974, àwọn olùwádìí méjì, Wrege àti Perroni, lọ tú àwọn àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀ wò, wọ́n rí i pé Taylor bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ ìtàn yẹn gan-an, pé kò rí bó ṣe rò ó, àti pé iye 47 àtààbọ̀ yẹn kò tara sáyẹ́ǹsì tó lágbára kankan jáde. Àwọn tó lè dúró lórí iṣẹ́ yẹn náà ò pọ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá lò ó nínú ìdánwò, ẹ lò ó bí àpẹẹrẹ ohun tí Taylor fẹ́ ṣe, ẹ má lò ó bí ẹ̀rí pé ó ṣiṣẹ́. Ti ṣọ́bìrì ló fìdí múlẹ̀ jù lójú tèmi: ó ṣàkíyèsí pé ẹni kan náà á fi ṣọ́bìrì kan náà kó èédú fúyẹ́fúyẹ́, á tún fi kó òkúta irin tó wúwo bí nǹkan míì, ó wá dán an wò títí ó fi rí i pé bíi páùn 21 lẹ́ẹ̀kan ni ara èèyàn fi ń kó jù lóòjọ́, ilé iṣẹ́ wá ra ṣọ́bìrì oríṣiríṣi, kékeré fún ohun tó wúwo, ńlá fún ohun tó fúyẹ́, kí ẹrù orí ẹ̀ lè máa sún mọ́ 21 nígbà gbogbo. Ìyẹn ò ni ẹnikẹ́ni lára.

Ibi tó ti bàjẹ́ ni ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba ní Watertown, ní Massachusetts. Ní oṣù kẹjọ 1911, ọdún kan náà tí ìwé Taylor jáde, wọ́n gbé aago dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń da irin, ọ̀kan nínú wọn ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n ka òun, wọ́n lé e, làwọn tó kù bá daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, wọ́n pe Taylor fúnra ẹ̀ wá wí tẹnu ẹ̀, nígbà tó sì yá wọ́n fòfin dè é pé kí wọ́n má fi owó ìjọba ka ìṣẹ́jú mọ́ òṣìṣẹ́ nírú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ò tíì máa sọ pé owó ò tó, ohun tó bí wọn nínú ni kí ẹnì kan dúró tì wọ́n bí ẹni ń ṣọ́ olè. Taylor ò ní àyè fún irú ìbínú yẹn nínú tíọ́rì ẹ̀, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ Mayo.

Ó dáa, Fayol. Henri Fayol, ará Faransé, 1841 ni wọ́n bí i, íńjíníà ìwakùsà ni, ó wọ ilé iṣẹ́ tó ń wa èédú ní Commentry ní 1860, ọmọ ọdún 19, ilé iṣẹ́ yẹn náà ló sì wà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó dọ̀gá àgbà ní 1888 nígbà tí ilé iṣẹ́ ń lọ sí gbèsè, ó gbé e dìde, ó kúrò lórí àga ní 1918. Àkọsílẹ̀ kan wà tó ṣe ní oṣù karùn-ún 1861 tí mo fẹ́ràn gan-an torí pé gbogbo tíọ́rì ẹ̀ ti wà nínú ẹ̀. Ẹṣin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú kòtò ìwakùsà dá lẹ́sẹ̀ láàárọ̀. Fayol kọ̀wé pé kí wọ́n fún òun ní òmíì. Ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin ní rárá, kò sí ọwọ́ ọ̀gá àgbà nínú ìwé yẹn. Ọ̀gá àgbà ò sí nílé. Wọn ò sì yan ẹnikẹ́ni dípò ẹ̀. Ẹṣin wà nílẹ̀, òṣìṣẹ́ wà nílẹ̀, iṣẹ́ dúró.

Ẹ wo bí ìyẹn ṣe yàtọ̀ sí ti Taylor. Kò sẹ́ni tó fawọ́ iṣẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣe é lọ́nà òdì, ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin yẹn gan-an ò ṣẹ̀, òfin ló tẹ̀ lé. Ẹ lè fi aago ka gbogbo wọn títí di alẹ́, ẹ ò ní rí ìdí tí iṣẹ́ fi dúró, torí pé ètò àṣẹ ló bàjẹ́. Fayol wá ní iṣẹ́ kan wà nínú gbogbo ilé iṣẹ́ tó dá dúró lọ́tọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́, sí títà àti rírà, sí owó, sí ààbò, sí ìṣirò, ìyẹn ni ìṣàkóso, ó sì ṣeé kọ́ nílé ìwé. Ó pín in sí márùn-ún: wíwo iwájú kéèyàn ṣètò sílẹ̀, kíkó ènìyàn àti nǹkan jọ, pípàṣẹ, síso iṣẹ́ pọ̀ kó má forí gbárí, àti yíyẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó rí bí a ṣe sọ. Ó tiẹ̀ ṣe tábìlì kan tó fi hàn pé bí èèyàn ṣe ń gòkè ni iṣẹ́ yìí ń pọ̀ lára ohun tó gbọ́dọ̀ mọ̀: fún òṣìṣẹ́ lásán nílé iṣẹ́ ńlá, 85 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́, ìṣàkóso ò ju 5, fún ọ̀gá tó ń darí gbogbo ilé iṣẹ́ yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ti wálẹ̀ di 15, ìṣàkóso di 40. Ìfojúwọ̀n tiẹ̀ ni àwọn iye yẹn o, kò wọ̀n wọ́n. Ìwé ẹ̀ jáde ní 1916 ní èdè Faransé, ìdí nìyẹn tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ò fi tètè mọ̀ ọ́n, àfi lẹ́yìn 1949 tí wọ́n tún un túmọ̀ tó wá tàn kálẹ̀.

Ìlànà 14 yẹn, mi ò ní kà wọ́n fún yín, ẹ ní wọn nínú nótì. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ni pé òṣìṣẹ́ kan, ọ̀gá kan. Fayol ní tí ènìyàn méjì bá ń pàṣẹ fún ẹnì kan lórí iṣẹ́ kan, àṣẹ á bàjẹ́, ìbáwí á bàjẹ́. Ibí yìí gan-an ni òun àti Taylor ti forí gbárí, ibẹ̀ sì ni máàkì wà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi wọ́n wéra. Taylor ní kí wọ́n má fi fọ́máànù kan jẹ ọba lórí òṣìṣẹ́, torí kò séèyàn kan tó mọ gbogbo ẹ̀, kí wọ́n pín iṣẹ́ fọ́máànù sí ọ̀nà 8: mẹ́rin á wà ní yàrá ètò, àwọn tó ń la ọ̀nà tí iṣẹ́ máa gbà, tó ń kọ káàdì ìtọ́ni, tó ń ṣe àkọsílẹ̀ àkókò àti owó, àti ẹni tó ń bójú tó ìbáwí, mẹ́rin á wà nídìí iṣẹ́, ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ti ìyára ẹ̀rọ, ti àyẹ̀wò, ti àtúnṣe. Òṣìṣẹ́ kan wá ní ọ̀gá mẹ́jọ. Fayol ka ìyẹn, ó sì dárúkọ Taylor nínú ìwé tiẹ̀, ó ní òun gbà pé fọ́máànù nílò àwọn tó mọṣẹ́ tí wọ́n á máa ràn án lọ́wọ́, àmọ́ kíkọ̀ tí Taylor kọ ìlànà ọ̀gá kan sílẹ̀, òun ò bá a lọ síbẹ̀, ó léwu. Torí náà ẹni tó bá kọ ọ́ pé Taylor àti Fayol ń sọ ohun kan náà torí àwọn méjèèjì fẹ́ràn kí wọ́n pínṣẹ́, ó ti ṣubú.

Ẹ má sì rò pé Fayol ní kí gbogbo ọ̀rọ̀ máa gun àkàbà lọ sókè kó tó sọ̀ kalẹ̀. Tí fọ́máànù kan ní ẹ̀ka kan bá nílò nǹkan lọ́wọ́ fọ́máànù ẹ̀ka kejì, ó ní kí wọ́n fi afárá so wọ́n, kí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ ọ́ tààrà, tí ọ̀gá oníkálukú bá ti fọwọ́ sí i tí wọ́n sì ń sọ fún ọ̀gá ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò sí. Ká ní afárá wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ní 1861, ẹṣin á ti dé.

Ó wá ku Mayo, ibí yìí ni irọ́ pọ̀ sí jù. Ilé iṣẹ́ Hawthorne tó jẹ́ ti Western Electric, nítòsí Chicago, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ohun èlò tẹlifóònù. Láti 1924 sí 1927 ni wọ́n fi dán iná wò, pé tí iná bá mọ́lẹ̀ sí i ṣé iṣẹ́ á pọ̀ sí i. Elton Mayo ò sí níbẹ̀ o! Ará Ọsirélíà ni, 1926 ló dé Harvard, 1928 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé Hawthorne. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ọ́ pé Mayo ló tan iná tó tún paná, ẹ jáwọ́. Ìdánwò iná yẹn ò fi ohun kan pàtó hàn, iṣẹ́ ń lọ sókè níbi tí iná ti pọ̀, ó tún ń lọ sókè níbi tí wọn ò ti fọwọ́ kan iná, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n sọ pé ohun míì wà ńbẹ̀.

Ohun míì yẹn ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi kó obìnrin mẹ́fà sí yàrá kan lọ́tọ̀ ní oṣù kẹrin 1927, márùn-ún ń to rílè, ìyẹn ohun kékeré kan tó ń tan tó sì ń pa ìlà tẹlifóònù, tó ní ẹ̀yà bíi 35, ẹnì kẹfà ń gbé ẹ̀yà fún wọn. Wọ́n fún wọn nísinmi ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sọ ọ́ di 10, wọ́n fi ìpápánu sí i, wọ́n ní kí wọ́n máa tètè lọ sílé, iṣẹ́ ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n wá gba gbogbo ẹ̀ padà fún ọ̀sẹ̀ 12, kò sísinmi, kò síjẹun, wákàtí 48 lọ́sẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ ò padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣì ga ju ti àtètèkọ́ṣe lọ dáadáa. Láàárín ọdún méjì ó fi bíi 30 nínú ọgọ́rùn-ún ga. Mayo àti àwọn ènìyàn ẹ̀ ní ohun tó fà á ni pé àwọn obìnrin yẹn ti di ẹgbẹ́, ẹnì kan ń gbọ́ tiwọn, wọ́n ń bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó yí nǹkan padà, kò sí fọ́máànù tó ń gbó mọ́ wọn.

Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹ wo àwọn nǹkan tó tún yí padà lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí wọ́n wà ní ẹ̀ka ńlá, owó wọn rọ̀ mọ́ iṣẹ́ bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ní yàrá kékeré yìí owó wọn rọ̀ mọ́ iṣẹ́ àwọn díẹ̀ yìí nìkan, kí ẹ máa wò ó, tóo bá sáré, o máa rí i nínú owó ọ̀sẹ̀ ẹ. Ní oṣù kìíní 1928 ẹ̀wẹ̀, wọ́n yọ méjì nínú wọn pé ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ jù, wọn ò fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n fi àwọn méjì míì rọ́pò. Àwọn olùwádìí náà mọ̀ pé ìbéèrè owó wà ńlẹ̀, wọ́n dán ẹgbẹ́ míì wò tó jẹ́ owó nìkan ni wọ́n yí padà, iṣẹ́ fi bíi 12 nínú ọgọ́rùn-ún ga. Ẹgbẹ́ kẹta, ìsinmi àti yàrá ọ̀tọ̀ nìkan, owó ò yí padà, ó fi bíi 15 ga. Nítorí náà owó wà ńbẹ̀. Ní 1967, olùwádìí kan, Alex Carey, kọ ọ́ gbangba pé ẹ̀rí Hawthorne ò gbe ìparí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lé e. Lẹ́kítọ́rà tó bá ní owó ò jẹ́ nǹkan kan ní Hawthorne, ẹ bi í léèrè nípa ẹgbẹ́ kejì yẹn, ẹ rọra bi í o.

Ibi tó lágbára jù lójú tèmi ní Hawthorne ni yàrá àwọn tó ń so wáyà, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Láti oṣù kọkànlá 1931 sí oṣù karùn-ún 1932 ni wọ́n fi jókòó ti ọkùnrin 14 tó ń so wáyà: 9 ń so ó, 3 ń fi òjé lẹ̀ ẹ́, 2 ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò yí nǹkan kan padà, wọ́n kàn ń wò ni. Ilé iṣẹ́ ní ẹnì kan lè so ojú wáyà 7,312 lóòjọ́. Àwọn ọkùnrin yìí ní tiwọn ti fẹnu kò pé ẹ̀rọ méjì ló tó fún òòjọ́ kan, ìyẹn bíi 6,000 tàbí 6,600. Tẹ́nì kan bá ti ń súnmọ́ ọn lọ́sàn-án, á rọra ṣe. Tẹ́nì kan bá ṣe jù, wọ́n á máa fi ṣẹ̀fẹ̀, tí kò bá gbọ́, wọ́n á gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lápá. Ẹni tó bá ṣe kéré jù, ọ̀tá ni. Ẹni tó bá lọ sọ fún ọ̀gá, ọ̀tá pátápátá. Wọ́n tiẹ̀ ń fi iṣẹ́ pamọ́, tí wọ́n bá ṣe púpọ̀ lónìí wọn ò ní ròyìn gbogbo ẹ̀, wọ́n á fi dí ti ọ̀la. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní tí àwọn bá ṣe jù, wọ́n á gé owó tàbí kí wọ́n dá ẹnì kan dúró.

Ṣẹ́ ẹ rí i? Ohun tí Taylor bá jà ní Midvale ní bí 1880 nìyẹn, láì yí padà. Ká gbé e fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Taylor á ní ta ló ka aago tó gbé 7,312 jáde, ṣé òṣìṣẹ́ gbà pé iye náà tọ́, ẹ san owó tó yàtọ̀ gedegbe fún ẹni tó bá dé ibẹ̀, fún oníkálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má sanwó fún wọn lẹ́gbẹ́-ẹgbẹ́ mọ́. Fayol á wo ọ̀gá yàrá yẹn, ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń fi iṣẹ́ pamọ́ tó sì dákẹ́, á ní àṣẹ ò dé ilẹ̀, àyẹ̀wò ò ṣiṣẹ́, ìròyìn tó ń gòkè lọ kì í ṣòótọ́. Mayo á ní ẹ̀yin méjèèjì ò rí ẹgbẹ́ náà: ó ní òfin tiẹ̀, ó ní ìjìyà tiẹ̀, èèyàn sì bẹ̀rù kí ẹgbẹ́ ẹ̀ kọ̀ ọ́ ju bó ṣe fẹ́ràn owó tó lé lọ. Ó tún ní ìbẹ̀rù wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ̀lára, pé kò bá ìrònú mu. Ibẹ̀ ni mo ti bá Mayo jà. 1932 ni o, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, Western Electric ń dá ènìyàn dúró, iṣẹ́ tó tán ló sì jẹ́ kí wọ́n ti yàrá yẹn pa nígbà tó yá. Kí ló wá kù tí kò bá ìrònú mu nínú kéèyàn rọra ṣe kí iṣẹ́ má baà tètè tán? Ní ti èyí, Taylor, tí wọ́n ń pè ní ẹni tí kò náání ènìyàn, ló lóye òṣìṣẹ́ jù.

Ohun tí Western Electric fi gbogbo ẹ̀kọ́ yìí ṣe náà wà ńlẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ tó lé ní 20,000 lẹ́nu wò láàárín 1928 sí 1930, wọ́n rí i pé kéèyàn ṣáà rí ẹni tẹ́tí sí òun, ó ń tu òṣìṣẹ́ lára. Ní 1936 wọ́n wá gba àwọn olùdámọ̀ràn, iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa rìn káàkiri kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Wọn ò láṣẹ láti tún ohunkóhun ṣe, wọn kì í gbé ẹjọ́ náà lọ fún ọ̀gá, wọ́n kàn ń gbọ́ ọ ni, ètò náà sì lò ju ọdún 15 lọ. Fayol ti kú ní 1925, kò rí i, àmọ́ ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bi wọ́n ò lè ju pé, tí òṣìṣẹ́ bá ti sọ tiẹ̀ tán, ta ló kù tó máa fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n mú ẹṣin wá.